Ímeèlì tó máa jẹ́ kí oníbúkà wo sáìtì ẹ̀ dáadáa kó tó fọwọ́ sí i

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣe wẹ́bùsáìtì fún màmá kan tó ní búkà àmàlà n'Ìbàdàn. Mo ti parí ẹ̀, mo fi ímeèlì ránṣẹ́ pé kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ àti fótò inú ẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i, kò tó ìṣẹ́jú méjì wọ́n ní "ó dáa". Ọkàn mi ò balẹ̀, mi ò rò pé wọ́n wo nǹkan kan. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ tí wọ́n á fi wò ó lóòótọ́ kí n tó gbé e jáde?

Ìdáhùn: Àbúrò, ó dáa bí ọkàn ẹ ò ṣe balẹ̀ yẹn. Kò sí oníbúkà tó máa ka mẹ́nù tí ẹlòmíì kọ fún un láì rí ó kéré tán iye owó kan tó ti yàtọ̀, torí nǹkan ń gbówó lórí lọ́jà lójoojúmọ́. Tí èsì bá wá láàárín ìṣẹ́jú méjì, ó ní láti jẹ́ pé màmá ò ṣí línkì yẹn rárá, tàbí wọ́n ṣí i, wọ́n rí orúkọ búkà wọn gàdàgbà lókè, inú wọn dùn, wọ́n pa á dé, wọ́n padà sídìí iná. Mi ò sì dá wọn lẹ́bi, torí ìbéèrè tó o bi wọ́n ló fẹ̀ jù. Tó o bá ní "ẹ jọ̀ọ́ ẹ wò ó bóyá ó dáa", bó ṣe máa dún létí wọn ni pé ò ń béèrè bóyá iṣẹ́ ẹ rẹwà, àgbàlagbà wo ló wá fẹ́ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé iṣẹ́ ẹ̀ ò rẹwà. Nǹkan tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n ni kó o béèrè: èló ni ṣàkì báyìí, nọ́ńbà wo ni ẹnìkan máa ń gbé lágogo kan ọ̀sán tí èrò kún búkà, ta ni ọmọbìnrin tó ń ro àmàlà nínú fótò yẹn, ṣé ó ṣì ń bá wọn ṣiṣẹ́.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí owó, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀. Àwọn téńpíléètì sáìtì oúnjẹ tá a máa ń lò, bí wọ́n ṣe tò wọ́n ni pé oúnjẹ kan, iye kan. Búkà àmàlà kì í ta ọjà báyẹn. Ẹni tó bá wọlé á ní "ẹ bá mi bu àmàlà ẹgbẹ̀rún kan, ẹ fi ògúnfe méjì àti ṣàkì kan sí i", owó àmàlà lọ́tọ̀, owó ẹran lọ́tọ̀, ọbẹ̀ wà nínú ẹ̀. Nítorí náà tó o bá kọ "Àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, ₦1,500" síbẹ̀ nítorí pé téńpíléètì fẹ́ iye kan ṣáá, ìwọ lo dá iye yẹn sílẹ̀, màmá ò mọ̀ nípa ẹ̀. Ọjọ́ tí kọ́sítọ́mà bá na fọ́ọ̀nù sí wọn lójú pé ohun tẹ́ ẹ kọ rèé, àwọn ni wọ́n máa dáhùn, kì í ṣe ìwọ. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 tí àjọ FCCPC ń mójú tó sì sọ ọ́ kedere pé oníṣòwò ò gbọdọ̀ gba owó tó ju èyí tó kọ síta lọ. Bí mo ṣe máa ń ṣe é ni pé màá kọ "Àmàlà: láti ₦500", ìyẹn iye tó kéré jù tí wọ́n lè bù fún èèyàn, màá wá to ẹran kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú owó ẹyọ kan. Béèrè bóyá ọbẹ̀ wà nínú owó àmàlà tàbí wọ́n ń gba owó lórí èyí tí èèyàn bá fi kún un. Béèrè bóyá owó ike tí wọ́n fi ń di oúnjẹ fún ẹni tó fẹ́ gbé e lọ wà lọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ ilé oúnjẹ ńlá tó ń gba VAT 7.5%, béèrè bóyá ó ti wà nínú owó tó o kọ tàbí wọ́n máa fi kún un níbi ìsanwó. Àwọn oníbúkà míì ò tiẹ̀ fẹ́ kí owó kankan hàn, èyí náà bójú mu, ṣùgbọ́n ẹnu tiwọn ló ti gbọ́dọ̀ jáde.

Fótò ló kàn. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù nínú ímeèlì ìfọwọ́sí ni kéèyàn ní "fótò wà nínú línkì yẹn, ẹ bá wa wò ó". Fótò mọ́kànlá lórí ojú ìwé márùn-ún, báwo ni màmá ṣe fẹ́ sọ èyí tí wọ́n ń bá wí? Wọ́n á ní "ẹ yọ ti ẹran yẹn", mẹ́fà nínú fótò yẹn sì ni ẹran wà. Kọ nọ́ńbà gàdàgbà sí igun fótò kọ̀ọ̀kan, 1 títí dé 11, kó o tò wọ́n sínú ímeèlì fúnra ẹ̀ ní kékeré kí wọ́n lè máa fi ìka yí i lọ sísàlẹ̀ lórí fọ́ọ̀nù. Má fi fáìlì zip ránṣẹ́ sí oníbúkà o, kò ní ṣí i. Kó o sì fi nọ́ńbà kan náà sọ fáìlì ẹ lórúkọ, bíi `07-abula-eran-merin.jpg`, kó lè jẹ́ pé tí wọ́n bá ní 7, ìwọ náà á mọ 7 láì ronú.

Wo fótò 7 yẹn dáadáa pẹ̀lú mi. Àmàlà dúdú tó ń dán, gbẹ̀gìrì lápá kan, ewédú lápá kejì, ọbẹ̀ ata pupa láàárín, ògúnfe méjì, ṣàkì kan, pọ̀nmọ́ kan lórí ẹ̀. Ó rẹwà gan-an ni, ṣùgbọ́n tó o bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ "láti ₦500", irọ́ lò ń pa láì mọ̀. Nínú kí o kọ owó àwo yẹn gan-an sábẹ́ ẹ̀, kí o gbé fótò yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó, tàbí kí wọ́n ya àwo kékeré míì, màmá ló máa yan ọ̀kan. Tó bá tún jẹ́ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì lo ti rí i, tí kì í ṣe oúnjẹ wọn, yọ ọ́ kó o tó tiẹ̀ fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń jẹ àmàlà n'Ìbàdàn mọ àwo búkà tó ń jẹun, ó mọ bí gbẹ̀gìrì wọn ṣe máa ń ki sí, kò ní pẹ́ tó fi máa sọ pé ibi báyìí kọ́ nìyẹn.

Nǹkan méjì míì wà nídìí fótò tí oníbúkà ò lè mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ, àfi tó o bá bi wọ́n. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó yà á. Tó bá jẹ́ fọ́tògíráfà tí wọ́n pè wá nígbà ọjọ́ ìbí ló yà á, sísan owó iṣẹ́ fún un ò sọ fótò náà di tiwọn láti lò síbi tó wù wọ́n, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 2022 nílẹ̀ wa fi í sọ́wọ́ ẹni tó yà á, àfi tí ìwé bá wà láàárín wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan láti ọ̀dọ̀ fọ́tògíráfà yẹn tó ní "mo gbà kí wọ́n lo fótò yìí lórí sáìtì búkà" ti tó, kó o tọ́jú ẹ̀. Èkejì ni ojú èèyàn. Lábẹ́ òfin ààbò déétà ti 2023, àwòrán tí wọ́n lè fi dá èèyàn mọ̀ wà lára déétà ẹni náà. Òṣìṣẹ́ tó wà nínú fótò gbọ́dọ̀ mọ̀ kó sì gbà, ó sì lè ní lọ́la pé òun ò fẹ́ mọ́. Kọ́sítọ́mà tó kàn ń jẹun ẹ̀ lẹ́yìn, tí ò mọ̀ pé wọ́n ń ya fótò, gé e kúrò. O ò mọ ẹni tó sọ fún ọ́fíìsì pé ara òun ò yá lọ́jọ́ yẹn.

Ímeèlì tí mo máa kọ sí màmá rèé. Gbogbo iye owó inú ẹ̀, àpẹẹrẹ lásán ni, fi tiwọn sí i.

> Àkọlé: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi yẹ owó, nọ́ńbà àti fótò wò kó tó di Ọjọ́bọ̀ agogo mẹ́rin
>
> Ẹ káàsán mà, ẹ kú ọjà.
>
> Mo fẹ́ gbé sáìtì yín jáde lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Kí n tó gbé e jáde, nǹkan mẹ́ta wà tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ fún mi. Ẹ lè fi fọ́ọ̀nù wò ó nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Línkì àti pásíwọ́ọ̀dù wà nísàlẹ̀.
>
> 1. Owó. Ohun tí mo kọ nìyí: àmàlà láti ₦500, gbẹ̀gìrì àti ewédú wà nínú ẹ̀. Ògúnfe kan ₦700. Ṣàkì kan ₦400. Pọ̀nmọ́ kan ₦300. Ike ₦200. Èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ kọ iye tó jẹ́ báyìí fún mi.
>
> 2. Àsìkò àti nọ́ńbà. Mo kọ pé ẹ máa ń ṣí lágogo mẹ́wàá àárọ̀, ẹ sì máa ń pa á dé lágogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ajé sí Àbámẹ́ta. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Ẹ tún bá mi tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sọ fún mi WhatsApp ta ló ṣí.
>
> 3. Fótò. Mọ́kànlá ni, nọ́ńbà wà lára wọn. Fótò 4: àbúrò tó ń ro àmàlà, ṣé ó gbà ká lo àwòrán ẹ̀? Fótò 7: ẹran mẹ́rin ló wà lórí ẹ̀, ṣé kí n kọ owó àwo yẹn sábẹ́ ẹ̀? Fótò 9: àwọn oníbàárà méjì hàn lẹ́yìn, mo fẹ́ gé wọn kúrò. Fótò 1 sí 6: ta ló yà wọ́n?
>
> Tí nǹkan bá wà láti tún ṣe, ẹ kàn kọ ọ́ báyìí: "ṣàkì ₦500", "ẹ yọ fótò 9". Tó bá ti pé gbogbo ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí mi pé: "Mo ti wo owó, àsìkò, nọ́ńbà àti fótò, mo fọwọ́ sí i, ẹ gbé e jáde."
>
> Tí mi ò bá tíì gbọ́ látọ̀dọ̀ yín títí di Ọjọ́bọ̀ agogo mẹ́rin, mi ò ní gbé e jáde, a máa sún un sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e.
>
> Ẹ ṣé gan-an mà. Ọjà á tà o.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn nídìí iṣẹ́ yìí máa ń fi gbólóhùn kan parí ẹ̀ pé "tí a ò bá gbọ́ nǹkan kan, a jẹ́ pé ẹ ti fọwọ́ sí i nìyẹn". Fún àwọ̀ bọ́tìnì tàbí bí fọ́ńtì ṣe tóbi tó, kò burú. Fún owó oúnjẹ, nọ́ńbà fọ́ọ̀nù àti ojú èèyàn, mi ò ní gbà kó o lò ó láéláé. Tí màmá bá dákẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ó lè jẹ́ pé òde ló gbà wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ń se oúnjẹ fún ìnáwó ìgbéyàwó, ímeèlì yẹn ò tíì ṣí. Tó o bá wá gbé e jáde lórí ìdákẹ́jẹ́ẹ́, owó àtijọ́ lo gbé jáde. Kí ọjọ́ sún síwájú ló sàn jù, gbólóhùn yẹn náà ló sì máa ń mú wọn dáhùn kíá, torí àwọn fúnra wọn ń retí sáìtì yẹn. Kó má bàa di pé owó ẹ há sọ́wọ́ wọn, kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn látìbẹ̀rẹ̀ pé tí iṣẹ́ bá ti parí tí ìfọwọ́sí wá pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, owó tó kù á wọlé, gbígbé e jáde á sì máa dúró dè wọ́n.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ pé kí wọ́n tẹ bọ́tìnì ni pé kò sí ẹni tó ń ka nọ́ńbà fọ́ọ̀nù ara ẹ̀ dáadáa, ojú á kàn gbá a kọjá. Línkì WhatsApp tún ní ètekéte tiẹ̀, kóòdù Nàìjíríà ló máa ṣáájú, òdo tá a fi ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà wa á kúrò, kò sí àmì àròpọ̀:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX
```

Tó o bá gbàgbé òdo yẹn síbẹ̀, yóò sọ pé nọ́ńbà ò sí lórí WhatsApp. Èyí tó burú jù ni kí nọ́ńbà pé ṣùgbọ́n kó jẹ́ ti ọmọ wọn tó ti lọ sí Peckham ní Lọ́ndọ̀nù, àṣẹ oúnjẹ á wá máa dún lọ́hùn-ún.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà lókè òkun yìí gan-an, má fojú kéré ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà òun ló ń san owó sáìtì, màmá á sì ní "ẹ bá mi bi àǹtí yín". Àǹtí á ní kí ẹ yí gbogbo fótò padà, màmá ti fọwọ́ sí i, ìwọ á wà láàárín. Kó o tó fi ímeèlì yẹn ránṣẹ́, béèrè pé ta ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa gbẹ̀yìn. Èrò tèmi ni pé kí àǹtí fọwọ́ sí bó ṣe rí lójú, kí màmá fọwọ́ sí owó, àsìkò àti nọ́ńbà, torí ẹni tó wà ní Lọ́ndọ̀nù ò mọ iye tí wọ́n ra ẹran láàárọ̀ yìí. Fi ímeèlì kan náà ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì, kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan síwájú apá tirẹ̀.

Fi ránṣẹ́ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èrò ọ̀sán ti lọ, láàárín ọ̀sẹ̀, má ṣe é lọ́jọ́ Ẹtì tàbí Àbámẹ́ta. Lẹ́yìn náà, fi fóòsì nóòtì kékeré sí WhatsApp wọn pé "mà, mo ti fi nǹkan ránṣẹ́ sínú ímeèlì yín, ti owó àti fótò ni, ẹ bá mi wò ó". Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fóòsì nóòtì náà ni wọ́n máa fi dáhùn, kò burú, ṣùgbọ́n gbọ́ ọ, kọ ohun tí wọ́n sọ sínú ímeèlì, "mo gbọ́ yín pé ṣàkì ti di ₦500 àti pé kí n yọ fótò 9, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?", kí wọ́n dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí i. Fóòsì nóòtì máa ń sọnù tí fọ́ọ̀nù bá bàjẹ́, ímeèlì máa wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fi fótò míì ránṣẹ́, ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì lórí WhatsApp, tí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ bíi fótò lásán, WhatsApp á ti fún un pọ̀, tó o bá wá nà án kún ojú ìwé, ẹran á dà bíi pé kùrukùru bò ó.

Èsì tó máa jẹ́ kó o mọ̀ pé wọ́n wò ó lóòótọ́ máa ń rí wúruwùru. Oníbàárà mi kan tó ní búkà fèsì báyìí: "ogunfe 800 ni, shaki 500, ponmo o wa lojo Monday, ojo Jimoh a maa n ti ilekun fun irun lati aago kan si meji, omo inu foto 4 ti lo." Wo èsì yẹn. Mi ò bá má mọ̀ láé pé wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn fún ìrun Jímọ̀, agogo kan ọjọ́ Jímọ̀ sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì máa ń wá oúnjẹ ọ̀sán. Mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe, mo yọ fótò 4, mo wá fi ímeèlì kejì ránṣẹ́ tó kúrú, ohun tó yí padà nìkan ló wà níbẹ̀: ògúnfe ₦700 ti di ₦800, ṣàkì ₦400 ti di ₦500, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Má ní kí wọ́n tún wo gbogbo sáìtì lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò ní wò ó, "ó dáa" ni wàá tún gbà.

Ọ̀rọ̀ tó kù lórí ojú ìwé "Nípa wa" ò gba àlàyé púpọ̀: ní kí wọ́n wo ọdún tí wọ́n dá búkà sílẹ̀, orúkọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àti bí wọ́n ṣe kọ orúkọ búkà sára páátákó iwájú ilé, kó bá ti sáìtì mu.

Ní ti línkì tó o fi ránṣẹ́, fi pásíwọ́ọ̀dù sí i, kó o sì fi èyí sínú `head` gbogbo ojú ìwé kí Google má bàa gbé owó tí wọn ò tíì fọwọ́ sí síta:

```
<meta name="robots" content="noindex">
```

Má fi `Disallow: /` sínú `robots.txt` pọ̀ mọ́ ọn o, torí tí Google ò bá lè wọlé, kò ní rí noindex yẹn kà, línkì náà ṣì lè hàn nínú ìwádìí.

Lọ́jọ́ tí gbólóhùn ìfọwọ́sí bá dé, tẹ gbogbo ojú ìwé sí PDF, kọ ọjọ́ sí i, fi dá ímeèlì wọn lóhùn pé ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ sí nìyí. Lẹ́yìn ìyẹn, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ẹ̀ kó tó jáde, kódà tó o bá rí àmì ohùn tó yẹ kó wà lórí "ògúnfe", sọ fún wọn kó o tó fi sí i. Yọ noindex kúrò, yọ pásíwọ́ọ̀dù, gbé e jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọ́n wà nítòsí fọ́ọ̀nù, kó o fi fọ́ọ̀nù tìẹ tẹ bọ́tìnì WhatsApp yẹn, kí màmá gbé e, kó o sì kọ "Owó tó wà nílẹ̀ lóṣù yìí" pẹ̀lú ọjọ́ sábẹ́ mẹ́nù. Tí wọ́n bá pè lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè pé ẹran ti wọ́n sí i, iṣẹ́ àtúnṣe nìyẹn, kò sí lára ìfọwọ́sí mọ́. Yí i padà, yí ọjọ́ abẹ́ ẹ̀ padà, kó o kọ ímeèlì ìlà kan sí wọn pé iye báyìí ti di báyìí.